Ìdí igi ni wọ́n fi ń pín in

"Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ mi ṣaláìsí lóṣù méjì sẹ́yìn níbí l'Abẹ́òkúta. Ìyàwó mẹ́ta ni wá, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan péré lèmi ní. Dáwódù wa ní kí wọ́n ka orí ọmọ pín owó ilé, ó ní ọmọ kan kò lè gbà tó ọmọ márùn-ún. Kí lẹ̀tọ́ mi àti ti ọmọ mi?"

Ẹ kú àràfẹ́rakù, mà. Èmi nìkan ni ìyá mi bí fún bàbá mi, orogún méjì ló sì bá nílé, nítorí náà ọ̀rọ̀ yín kì í ṣe àgbọ́sọ fún mi.

Nínú àṣà Yorùbá, ìdí igi ni wọ́n fi ń pín ogún. Ìyàwó kọ̀ọ̀kan tó bímọ, ìdí kan ni, ìbáà bí ẹyọ kan, ìbáà bí mẹ́wàá. Wọ́n á kọ́kọ́ pín in dọ́gba fún ìdí kọ̀ọ̀kan, kí àwọn ọmọ ìyá tó wá pín tiwọn láàárín ara wọn. Èyí tí Dáwódù yín ń sọ yẹn là ń pè ní orí òjorí.

Ẹ wo tiwa. Ilé bàbá wa ní Ìjàyè ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà lójú títì. Lọ́dún àkọ́kọ́, lẹ́yìn tí wọ́n tún òrùlé ṣe, 1,200,000 náírà ló kù. Ọmọ márùn-ún ni ìyálé bí, ìyàwó kejì bí mẹ́rin, ìyá mi bí èmi. Tó bá jẹ́ orí òjorí, 120,000 ló máa kan ẹnì kọ̀ọ̀kan wa. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìdí igi, ìdí kọ̀ọ̀kan gba 400,000: àwọn ọmọ ìyálé mú 80,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, tìyàwó kejì mú 100,000, èmi nìkan mú 400,000. Ká sòótọ́, mi ò bá ẹ̀gbọ́n mi wí pé ó bínú. Bó bá jẹ́ èmi ni, n bá bínú.

Lọ́yà tí ìyá mi lọ bá sọ fún wa pé irú ẹjọ́ yìí ti dé ilé-ẹjọ́ rí. (Ẹ ò rí i pé ẹjọ́ Dáwódù àti Danmole ni wọ́n ń pè é.) Bàbá kan l'Ékòó kú ní 1940, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Adájọ́ àkọ́kọ́ ní kí wọ́n fi orí òjorí pín in. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lórílẹ̀-èdè nígbà náà yí i padà sí ìdí igi ní 1958, ìgbìmọ̀ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ń gbọ́ ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn láti ọ̀dọ̀ wa nígbà náà, sì fọwọ́ sí i ní 1962. Ṣùgbọ́n ẹ má gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀: bí ìjà bá wà lórí pípín, olórí ẹbí láṣẹ láti sọ pé orí òjorí ló yẹ ọ̀ràn náà. Torí ẹ̀ ni ẹ ò fi gbọ́dọ̀ dákẹ́. Ẹ pe àwọn àgbà ẹbí ọkọ yín, kí ẹ sọ̀rọ̀ lójú gbogbo wọn.

Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́? Èyí ló máa ń dun ni jù. Ìyàwó kì í jogún ọkọ lábẹ́ àṣà wa. Ọmọ yín ló ni ìdí yẹn, ẹ̀yin kàn ń ṣọ́ ọ fún un ni. Yàrá yín nínú ilé, wọn ò lè lé yín kúrò níbẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ṣì ń jẹ́ ìyàwó ilé, tí ẹ ò sì hùwà burúkú. Orogún tí kò bímọ pàápàá ní ẹ̀tọ́ sí ìyẹn.

Owó ilé-ìwé: nígbà tiwa, mo ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Àbúrò bàbá wa ló dá a lábàá pé kí wọ́n yọ owó ilé-ìwé àwọn tó ṣì kéré kúrò kí wọ́n tó pín owó ṣọ́ọ̀bù, a sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ béèrè fún irú ẹ̀. Dáwódù kì í ṣe onílé, olùtọ́jú ni. Bó bá ń gba owó tí kò ṣírò, ilé-ẹjọ́ lè ní kó wá ṣírò rẹ̀. Bó bá fẹ́ ta ilé láìjẹ́ kí àwọn ìdí yòókù mọ̀, ilé-ẹjọ́ lè wọ́gi lé e, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹni tó rà á kọ́lé tán kí ẹ tó pariwo.

Ohun tó jẹ wá níyà jù kì í ṣe ogún bàbá. Àdìrẹ ni ìyá mi ń tà ní Ìtòkú, owó ẹ̀ ló fi ra ilẹ̀ kan l'Ọ́bántòkò. Bàbá ló bá a gbé owó náà lọ, orúkọ bàbá ni onílẹ̀ sì kọ sí rìsíìtì. Ọjọ́ tí wọ́n ń ka ogún, wọ́n ka ilẹ̀ yẹn mọ́ ọn, ìyá mi ò sì rí ìwé kankan fi hàn. Ìdá kan nínú mẹ́ta ilẹ̀ tó fowó ara ẹ̀ rà ló padà sọ́wọ́ èmi ọmọ ẹ̀. Ohun tí ẹ bá fowó yín rà, tiyín ni, ọmọ yín ló máa jogún ẹ̀, kò kan orogún. Ẹ wá rìsíìtì wọn lónìí.

Ẹ tún bi wọ́n léèrè bóyá ìyálé ṣe ìgbéyàwó kóòtù, tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì tó ní ìwé-ẹ̀rí ìjọba. Bó bá ṣe é, ọ̀rọ̀ yí padà: òfin ò ka ẹ̀yin méjì tó kù sí ìyàwó, ìdí igi sì lè má ṣiṣẹ́ mọ́. Àmọ́ ọmọ yín ò di ẹni ìta. Abala 42 nínú òfin ilẹ̀ wa ti 1999 kò gbà kí wọ́n fi bí wọ́n ṣe bí ọmọ dù ú ní ẹ̀tọ́. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ wá lọ́yà lọ kí ìpàdé ẹbí tó wáyé.

Bí wọ́n bá gbé owó wá kí ọ̀rọ̀ tó yanjú, ẹ má gbà á, ẹ má sì buwọ́ lù nǹkan kan. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n gbé 120,000 yẹn wá bá ìyá mi nínú àpòòwé, ìgbà mẹ́ta náà ló ní kí wọ́n gbé e padà.