Níbi tí máàkì ti ń bọ́ nínú iṣẹ́ ilẹ̀

"Ẹ káàsán o, ẹ̀yin àgbà. A máa ṣe pirakítíkà Ágíríìkì lóṣù tó ń bọ̀ nílé ìwé wa l'Ábẹ́òkúta, lápá Láfẹ́nwá. Iṣẹ́ ilẹ̀, irúgbìn àti irinṣẹ́ ló wà níbẹ̀. Ti ilẹ̀ ló ń dà mí láàmú, àgàgà èyí tí wọ́n ń da omi sí. Níbo gan-an ni olùdánwò ti ń yọ máàkì?"

Àbúrò, káàsán. Tíṣà Ágíríìkì ni mí, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń dúró ti àwọn ọmọ pẹ̀lú ìwé máàkì lọ́wọ́, nílé ìwé tèmi àti láwọn ibòmíì láàárín ìlú níbí. Bí wọ́n ṣe ń pín máàkì yàtọ̀ láti ìdánwò kan sí èkejì. Lórí ìwé tí mo lò kẹ́yìn, máàkì 20 ló wà fún iṣẹ́ ilẹ̀, 3 péré nínú rẹ̀ ló wà fún sísọ ilẹ̀ tó di omi mú jù àti ìdí rẹ̀. Gbogbo ìyókù wà fún ohun tí ọwọ́ rẹ ṣe àti ohun tó o kọ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọmọ tó ti há a sórí pé amọ̀ ló ń di omi mú jù fi lè gba 6, kó máa bínú kiri.

Ohun tí wọ́n máa gbé síwájú yín ni iyanrìn, amọ̀ àti lóòmù, àrọ mẹ́ta bí èyí tí àwọn tó ń ta kẹrosíìnì ń lò, òwú, àti ìgò òṣùwọ̀n tó ní àmì mìlílítà lára. Wàá fi òwú dí ọ̀fun àrọ, wàá wọn gíráàmù 50 ilẹ̀ gbígbẹ sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wàá da mìlílítà 50 omi lé e, wàá sì dúró fún àkókò tí wọ́n bá dá fún yín. Omi tó bá sun sínú ìgò, ìyẹn ni kó o yọ kúrò nínú 50. Ohun tó ṣẹ́ kù ni ilẹ̀ náà dì mú.

Kó o tó fi òwú dí àrọ, kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú omi, kó o fún un dáadáa. Òwú gbígbẹ máa ń mu nínú omi tó o ń wọ̀n, iyanrìn ni yóò sì máa gba ìyìn rẹ̀. Kí ìwọ̀n òwú inú àrọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì dọ́gba, torí olùdánwò máa ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ìlú wa wá kù. Orí àpáta la jókòó lé l'Ábẹ́òkúta, ẹ̀kúnwọ́ ilẹ̀ tó o bá bù lẹ́yìnkùlé kì í ṣaláì ní òkúta wẹ́wẹ́ nínú. Òkúta máa ń wọ̀n lórí síkéèlì, àmọ́ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ di omi kankan mú. Tí gíráàmù 15 nínú 50 rẹ bá jẹ́ òkúta, gíráàmù 35 ilẹ̀ lo ń dán wò, lóòmù rẹ yóò sì máa ṣe bí iyanrìn. Tí asẹ́ bá wà lórí tábìlì, a ò gbé e síbẹ̀ fún ẹwà. Fi sẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kó o tó wọ̀n wọ́n.

Amọ̀ ló ń dójú ti ọmọ jù. Lọ́dún kan, mo rí ọmọ kan tí omi tinú amọ̀ rẹ̀ sun tán kí ti iyanrìn tó sun dé ìdajì. Ó wo àrọ, ó wò mí, ó sì kọ ohun tí ìwé kíkà sọ dípò ohun tó wà níwájú rẹ̀. Kì í ṣe amọ̀ ló parọ́ o. Ọmọ náà kó o sínú àrọ ní ògúlùtu-ògúlùtu, omi sì gba àárín àwọn ògúlùtu náà kọjá láì wọnú wọn rárá. Tí o bá rí i tí omi ń já ṣooro láti inú amọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Da á nù, gún amọ̀ mìíràn títí yóò fi kúná, kó o tún un ṣe. Tí àkókò ò bá sí mọ́, kọ iye tó o rí, kó o wá kọ ìdí rẹ̀ sábẹ́. Máàkì wà fún ìyẹn. Ẹni tó kọ iye tí kò rí, a máa ń mọ̀, torí ìgò rẹ̀ ṣì wà lórí tábìlì.

Nígbà tí wọ́n bá ní ẹ dúró, wo orí amọ̀ náà kó o tó ka ohunkóhun. Ó ṣeé ṣe kí omi ṣì léfòó lórí rẹ̀ tí kò tíì ráyè wọlé. Jẹ́ ká sọ pé mìlílítà 14 ló wà nínú ìgò. Ọ̀pọ̀ ọmọ máa kọ ọ́ pé 50 yọ 14, ó ku 36, ìyẹn ìdá 72 nínú ọgọ́rùn-ún. Àmọ́ tí o bá rọra da omi orí amọ̀ sínú ìgò òṣùwọ̀n mìíràn tó o sì rí mìlílítà 8, omi yẹn ò sí lọ́wọ́ amọ̀, ńṣe ló ń dúró de ọ̀nà. 36 yọ 8 jẹ́ 28. Mìlílítà 28 ni gíráàmù 50 amọ̀ dì mú, ìdá 56 nínú ọgọ́rùn-ún sì nìyẹn. Tí iyanrìn bá sun 38 sílẹ̀, 12 ló dì mú, ìyẹn ìdá 24. Kọ ìṣirò rẹ síta lẹ́sẹẹsẹ, torí lórí ìwé tèmi, ẹni tó ṣi ìgò kà ṣì lè gba máàkì ìṣirò tó bá fi iye tó kà ṣe é bó ṣe yẹ. Ẹni tó kọ ìdáhùn nìkan kò ní ibi tí mo máa bá a wá a.

Kíkà ńkọ́? Gbé ìgò sórí ibi tó tẹ́jú, bẹ̀rẹ̀ títí ojú rẹ yóò fi wà ní ọgbọọgba pẹ̀lú omi, kó o ka ìsàlẹ̀ ibi tó tẹ̀ kòtò. Ẹni tó bá dúró lókè tó ń wo ìsàlẹ̀ yóò ka iye tó ju ti òótọ́ lọ. Orí àtẹ rẹ ni kó o kọ "mìlílítà" sí, má fi nọ́ńbà sílẹ̀ níhòòhò.

Níbi àlàyé, sọ pé ihò àárín amọ̀ kéré gan-an ló fi ń di omi mú. Má wá fi kún un pé òun ló dára jù fún irúgbìn. Púpọ̀ nínú omi tí amọ̀ dì mú, ó dì í mú débi pé gbòǹgbò ò lè fà á, afẹ́fẹ́ ò sì ráyè wọ inú rẹ̀ tó bá ti rin gbingbin.

Ti irúgbìn àti irinṣẹ́ kò le tó yẹn. Tí wọ́n bá ní kí ẹ fi okùn àti èèkàn sàmì sí ibi tí ẹ máa gbin àgbàdo sí, sẹ̀ǹtímítà 75 láàárín ìlà sí ìlà àti 25 láàárín igi sí igi ni wọ́n sábà ń retí tó bá jẹ́ igi kan lójú kan. Fa okùn náà le, torí ẹ̀yìn ìlà lolùdánwò máa dúró sí láti wò ó. Tí wọ́n bá sì bi ọ́ bí o ṣe máa tọ́jú ọkọ́, "màá fọ̀ ọ́" nìkan ò tó: yọ ẹrẹ̀ ara rẹ̀, nù ún gbẹ, fi òróró pa irin rẹ̀, kó o sọ ibi tó o máa gbé e sí tí òjò ò ní bá a.