Èèrà lórí ìtọ̀: ohun tí àtọ̀gbẹ ń ṣe nínú ẹ̀jẹ̀

Ìbéèrè: "Ní ilé wa, bí èèrà bá ṣù bo ibi tí ẹnìkan tọ̀ sí, àwọn àgbà a ní ìtọ̀ ṣúgà ti ń ṣe é. Ṣé òótọ́ wà nínú àkíyèsí yìí? Kí ló sì dé tí wọ́n fi ń gún àwọn kan lábẹ́rẹ́ lójoojúmọ́, tó jẹ́ pé oògùn oníhóró ni wọ́n ń fún àwọn mìíràn?"

Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ohun dídùn ni èèrà ń wá, ìtọ̀ ẹni tí ara rẹ̀ dá kì í sì í ní ṣúgà tó lè pe èèrà. Àmọ́ èèrà máa ń pẹ́ dé, nítorí pé ìdààmú náà sábà máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀ tipẹ́ kí ó tó hàn nínú ìtọ̀.

Bí a bá jẹ àmàlà, ẹ̀bà, ìrẹsì tàbí búrẹ́dì, inú ìfun ni wọ́n ti ń di irú ṣúgà kan tí à ń pè ní glúkóòsì, ẹ̀jẹ̀ yóò sì gbé e kiri gbogbo ara. Ìwọ̀n tí ó yẹ kí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ kò pọ̀ rárá. Bí àgbàlagbà kan bá ní ẹ̀jẹ̀ lítà 5, gbogbo ṣúgà tí ó wà nínú rẹ̀ láàárọ̀ kí ó tó jẹun kò ju nǹkan bíi gíráàmù 4 tàbí 5 lọ, ìyẹn ṣíbí ìpotíì kan péré, bẹ́ẹ̀ sì ni àwo oúnjẹ kan ṣoṣo lè gbé ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀ wọlé. Ohun tí kò jẹ́ kí ó kún àkúnya ni ínsúlínì, tí ẹ̀yà ara kan lẹ́yìn àpò oúnjẹ, pankíríásì, ń tú sínú ẹ̀jẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ ni láti mú kí ẹran ara àti ọ̀rá gba ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ kejì, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀, ni láti kó ẹ̀dọ̀ níjàánu. Ẹ̀dọ̀ ní ṣúgà tí ó tọ́jú pamọ́, ó sì lè ṣe òmíràn fúnra rẹ̀, kí ọpọlọ má baà ṣaláìní nígbà tí a bá sùn tàbí tí a bá ń gbààwẹ̀. Ìdí nìyí tí alátọ̀gbẹ fi lè fi ebi sùn, kí ó sì jí bá ṣúgà tí ó ga ju ti alẹ́ lọ, tí yóò sì máa bú ẹ̀rọ àyẹ̀wò pé irọ́ ló ń pa. Ẹ̀rọ kò purọ́. Ẹ̀dọ̀ ló ń tú ṣúgà sílẹ̀ ní gbogbo òru nítorí pé kò sí ẹni tí ó dá a dúró.

Kíndìnrín ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ láìsinmi, ó sì ń dá ṣúgà tí ó bá sẹ́ padà sínú ẹ̀jẹ̀. Bí àwọn alábàárù ọjà ló rí: bí ẹrù bá mọ níwọ̀n, wọn yóò gbé e tán, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ mẹ́ta bá já ẹrù lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀ yóò ṣẹ́kù sílẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, apá kíndìnrín kì í ká a mọ́ bí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ bá ti kọjá nǹkan bíi 180 mg/dL, ìyẹn mílígíráàmù 180 nínú ìdá kan nínú mẹ́wàá lítà ẹ̀jẹ̀. Ìyókù yóò bá ìtọ̀ lọ, yóò sì fa omi tọ ara rẹ̀ lẹ́yìn, èyí tí ó fà á tí aláìsàn náà fi ń tọ̀ léraléra tí òùngbẹ sì ń gbẹ ẹ́ láìdá.

Níbẹ̀ ni ẹ̀rí èèrà ti kù díẹ̀ káàtó. Bí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí a ṣe láìtíì jẹun bá fi 126 mg/dL tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ hàn, tí a sì tún un ṣe ní ọjọ́ mìíràn tí ó ṣì rí bẹ́ẹ̀, àtọ̀gbẹ ni. Ẹni tí tirẹ̀ ń rìn láàárín 126 sí 180 ti ní àrùn náà, síbẹ̀ èèrà lè má bá ohunkóhun nínú ìtọ̀ rẹ̀. Aláboyún sì lè ní ṣúgà nínú ìtọ̀ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà bó ṣe yẹ. Lójú tèmi, kí a tìtorí èèrà lọ ṣe àyẹ̀wò tọ̀nà. Kí a fi àìsí èèrà sọ pé ara dá kò tọ̀nà.

Ní ti abẹ́rẹ́ àti oògùn oníhóró, ẹ jẹ́ kí a fi ọmọbìnrin ọdún 12 kan àti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ẹni ọdún 52, ṣe àpẹẹrẹ. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọmọ náà rù, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sórí ibùsùn, omi kò sì tó o mu. Àwọn ọmọ ogun ara rẹ̀, tí ó yẹ kí wọ́n máa bá kòkòrò àrùn jà, ló yíjú sí àwọn ibi tí ínsúlínì ti ń jáde nínú pankíríásì, tí wọ́n sì ba èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́. Oríṣi àtọ̀gbẹ kìn-ín-ní nìyí. Kì í ṣe ṣúgà tí ọmọ jẹ ló fà á. Nítorí pé ẹran ara rẹ̀ kò rí ṣúgà lò, ọ̀rá ni ara ń yọ́ láti fi rọ́pò, ọ̀rá yíyọ́ náà sì ń bí ohun kíkan kan tí wọ́n ń pè ní kítóònù. Bí ó bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ọmọ yóò máa bì, inú yóò máa run ún, yóò máa mí kíákíá tí ó jinlẹ̀, èémí rẹ̀ yóò sì máa rùn bí èso tí ó ti pọ́n kọjá. Àwọn ilé kan máa ń pe èyí ní ibà, wọn a sì máa tọ́jú ibà fún ọjọ́ mélòó kan. Ọjọ́ mélòó kan ti pọ̀ jù: àyẹ̀wò ṣúgà ní ìka ọwọ́, tí kò gba ìṣẹ́jú kan, ni yóò fi 480 hàn, ilé ìwòsàn sì ni ó gbọ́dọ̀ wọ̀ ní ọjọ́ náà gan-an.

Ti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ yàtọ̀. Ikùn rẹ̀ ti yọ díẹ̀, bàbá tirẹ̀ náà ní àtọ̀gbẹ, kò sì sí ibi tí ó ń dùn ún. Ojú tí ó ń ṣe bàìbàì ló gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà. Tirẹ̀ jẹ́ 148 láìtíì jẹun. Ínsúlínì wà lára rẹ̀, ó tilẹ̀ lè ti pọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ fún ọdún púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹran ara àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò kà á sí bí ó ti yẹ, pankíríásì sì ń ṣe kún un títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Oríṣi kejì nìyí, òun ló sì wà lára èyí tí ó lé ní ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá àwọn alátọ̀gbẹ. Mẹtifọ́mìnì, oògùn oníhóró tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ fún un, ń dín ṣúgà tí ẹ̀dọ̀ ń tú sílẹ̀ kù, ìrìn rínrìn àti sísọ sísanra kalẹ̀ a sì mú kí ara tún gbọ́ràn sí ínsúlínì.

Bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, ẹ̀gbọ́n náà lè wá nílò abẹ́rẹ́, ìyẹn kò sì sọ tirẹ̀ di oríṣi kìn-ín-ní, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àmì pé ikú ti dé, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ṣe ń bẹ̀rù. Ọjọ́ orí náà kì í ṣe òdiwọ̀n tí kò lè yẹ̀: ẹni ọgbọ̀n ọdún tí ó tínrín, tí oògùn oníhóró kò ran án, lè jẹ́ oríṣi kìn-ín-ní tí kò tètè hàn.

Ṣùgbọ́n oògùn oníhóró kò lè rọ́pò abẹ́rẹ́ ọmọ náà, nítorí pé kò sí ínsúlínì tí ó tó lára rẹ̀ tí oògùn yóò ràn lọ́wọ́. Kí wọ́n tó fún ọmọ ọdún 14 kan ní ínsúlínì ní Tòróńtò ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1922, ikú ni irú àìsàn yìí máa ń já sí. Àṣìṣe tí mo sì ń gbọ́ jù ni pé ibà ń ṣe ọmọ, kò jẹun, ìyá rẹ̀ wá dá abẹ́rẹ́ dúró kí ṣúgà má baà lọ sílẹ̀ jù. Ẹ̀dọ̀ kò dúró de oúnjẹ, ibà sì máa ń mú un tú ṣúgà sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, dókítà lè dín ìwọ̀n abẹ́rẹ́ kù tàbí kí ó fi kún un, ṣùgbọ́n wọn kì í dá a dúró pátápátá; wọn a máa wo ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ní wákàtí mélòó kan síra, wọn a fún un ní omi, bí ó bá sì ń bì tí omi kò dúró nínú rẹ̀, wọn a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn láìdúró de òwúrọ̀.