Èsì: Ìdí tí Bonga fi ń léfòó

“Ọmọ mi ní inú ọkọ̀ ojú omi ni àwọn ń gbé ní Bonga. Kí ló dé tí kò fi ní ẹsẹ̀ irin bíi ti àwọn ibùdó epo orí òkun tó kù?”

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, mà. Òótọ́ ni ọmọ yín sọ. Bonga jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń wa epo rọ̀bì nínú òkun Nàìjíríà. Ẹsẹ̀ irin dára níbi tí omi kò ti jìn púpọ̀, ṣùgbọ́n omi Bonga jìn ju 1,000 mítà lọ, owó irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ yóò sì gbé èrè mì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé ọkọ̀ ńlá síbẹ̀, tí wọ́n fi okùn ìdákọ̀ró dè é mọ́ ìsàlẹ̀ òkun, tí ó sì ń gba epo láti ọdún 2005. Orí kànga epo fúnra rẹ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí òmùwẹ̀ kò lè dé. Láti yàrá ìdarí lókè ni wọ́n ti ń ṣí i tí wọ́n sì ń tì í, rọ́bọ́ọ̀tì ni wọ́n sì ń rán lọ wò ó.

Nígbà tí àbúrò mi kọ́kọ́ lọ sórí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, káàdì tí wọ́n kọ nọ́ńbà ọkọ̀ ìsásàlà rẹ̀ sí ni wọ́n fún un kí wọ́n tó fi ibùsùn hàn án. Bí agogo ìdágìrì bá dún, kálukú á fi káàdì rẹ̀ sí ojú pátákó. Ẹni tí káàdì rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀ ni wọn yóò wá. Wákàtí 12 ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ lójúmọ́, àwọn kan lọ́sàn-án, àwọn kan lóru. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá dé Òṣogbo tí ó ń sun oorun ọ̀sán, ẹ má jí i.