Ṣé àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni àṣamọ̀ iṣẹ́ ìwádìí?

*Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ni mí ní Àkúrẹ́, lórí ìkíni ní Ọjà Ọba ni mo sì ṣe iṣẹ́ àṣekágbá mi. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ náà dá àṣamọ̀ tí mo fi ṣe àkópọ̀ rẹ̀ níwájú iṣẹ́ padà fún mi, wọ́n ní mi ò sọ ohun tí mo rí. Wọ́n ní kó má kọjá ọ̀rọ̀ 250; 246 ni tèmi. Èmi rò pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí ni. Kí ni òwe yìí túmọ̀ sí gan-an, báwo ni mo sì ṣe máa mọ̀ bóyá àṣamọ̀ mi pé? Mo ti fi í ránṣẹ́ sí yín.*

Òwe náà ṣì kù: bó bá dénú rẹ̀, á di odindi. Ibẹ̀ gan-an ni ìtumọ̀ rẹ̀ wà. Wo ọmọ tó jókòó sí pálọ̀ nígbà tí àgbàlagbà kan wọlé, tí ìyá rẹ̀ wá bi í pé, "Ṣé o ti kí wọn?" Ìyá kò ní kó dìde, kò ní kó kúnlẹ̀, síbẹ̀ ọmọ náà á fò dìde, á sì kúnlẹ̀. Ohun tó fi kún ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí ilé ti kọ́ ọ. Òwe yìí kò ní ká fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí olùgbọ́ ti mọ̀ ló ní ká má wulẹ̀ sọ tán.

Ohun tí ìwọ rí ní Ọjà Ọba kò sí nínú ẹnikẹ́ni àfi ìwọ. Ẹni tó ń ka àṣamọ̀ rẹ ní Ìlọrin, bó ti wù kó jẹ́ ọmọlúwàbí tó, kò níbi tí yóò ti rí ìyókù ọ̀rọ̀ náà mú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó máa kà á kò sì ní ṣí odindi iṣẹ́ rẹ láé. Ojú ìwé kan yẹn ni wọ́n máa fi pinnu bóyá kí wọ́n wá a lọ.

Bí mo ṣe yẹ̀ ẹ́ wò nìyí, ìwọ náà lè ṣe é fúnra rẹ. Mo mú pẹ́ńsùlù, mo kọ lẹ́tà kan sí ẹ̀gbẹ́ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan: È fún èròǹgbà, Ọ fún ọgbọ́n ìwádìí, À fún àbájáde, P fún pàtàkì iṣẹ́. Gbólóhùn tí kò gba ìkankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo fa igi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo ka ọ̀rọ̀ abẹ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. È gba 34, Ọ gba 52, À gba 15, P gba 17. Àwọn tí mo fa igi sí, 128! Ìyẹn lé ní ìdajì. Ohun tó sì wà níbẹ̀ ni pé Yorùbá ka ìkíni sí, pé àárọ̀ ní ìkíni tirẹ̀, ọ̀sán ní tirẹ̀, ẹni tó ń ṣòwò ní tirẹ̀. Ta ni yóò ka iṣẹ́ rẹ tí kò mọ èyí? Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí àbọ̀ ọ̀rọ̀ wà. Ohun tí gbogbo ayé mọ̀ lo sọ di odindi, èyí tí ìwọ nìkan mọ̀ lo wá sọ lábọ̀.

Gbólóhùn kan ṣoṣo tó gba À nìyí: "Iṣẹ́ yìí jẹ́ kó hàn pé ìkíni ṣe pàtàkì púpọ̀ lọ́jà náà àti láwùjọ Yorùbá." Bi ara rẹ pé, ṣé mo lè kọ èyí kí n tó kúrò nílé lọ sọ́jà? O lè kọ ọ́ dáadáa. Àbájáde tí èèyàn lè kọ kó tó ṣèwádìí, èrò tó gbé lọ sí pápá ni, ohun tó mú bọ̀ kọ́. Ká gbà pé ohun tó wà ní orí kẹrin iṣẹ́ rẹ ni pé nínú ìtàkùrọ̀sọ 40 tó o gbà sílẹ̀, oníbàárà ló kọ́kọ́ kí ọlọ́jà nínú 27, àti pé níbi tí ọlọ́jà bá ti pe oníbàárà ní "ìyá mi", wọn kì í sábà kúrò láìrà. Èyí ni kó o kọ, pẹ̀lú iye rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè jókòó sílé mọ̀ ọ́n.

Ọ náà kò burú, àmọ́ o kọ ọ́ báyìí: "A óò ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, a óò sì ṣe ìtúpalẹ̀ rẹ̀." "A óò" yẹn tú ọ fó, ó fi hàn pé inú àbá ìwádìí rẹ lo ti gé e wá. Iṣẹ́ ti parí, nítorí náà "a ṣe" ni. Sọ iye ọlọ́jà tó o bá sọ̀rọ̀, bó o ṣe yàn wọ́n, àti bóyá ẹ̀ka-èdè Àkúrẹ́ ni wọ́n ń sọ tàbí Yorùbá àjùmọ̀lò. Ní iṣẹ́ lórí ìkíni, èyí tó gbẹ̀yìn yẹn kò ṣeé fò.

P rẹ ní iṣẹ́ náà "yóò wúlò fún akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́ àti ìjọba". Yọ ìkíni kúrò nínú iṣẹ́ rẹ, kó o fi aṣọ òkè sí i. Gbólóhùn yẹn ṣì dúró bó ṣe wà. Fi P so mọ́ À: bó bá jẹ́ pé oníbàárà ló ń kọ́kọ́ kíni, kí ni èyí yí padà nínú ohun tí a ti ń sọ nípa ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ kí ẹnì kejì?

Irú àṣamọ̀ kan wà lóòótọ́ tó kàn ń sọ ohun tó wà nínú iṣẹ́ láìsọ àbájáde. Níwájú iṣẹ́ tó ń yẹ ìwé àwọn ẹlòmíràn wò la ti sábà máa ń rí i. Ìwọ lọ sí pápá, tìrẹ kì í ṣe irú rẹ̀.

Ní ti iye ọ̀rọ̀, tó o bá gé àwọn tí mo fa igi sí kù sí nǹkan bí 25, tó o fi È sílẹ̀ ní 34, tó o fún Ọ ní 60, À ní 90, P ní 35, gbogbo rẹ̀ á jẹ́ 244. Mọ̀ pé àlàfo ni kọ̀ǹpútà fi ń ka ọ̀rọ̀. "Wọ́n ti ń ná ọjà" jẹ́ ọ̀rọ̀ márùn-ún lójú rẹ̀, nítorí náà àṣamọ̀ tó gba 250 ní èdè Gẹ̀ẹ́sì lè kọjá bẹ́ẹ̀ tó o bá tú u sí Yorùbá. O lè kọ "lọ́jà" dípò "ní ọjà", kò sí aburú níbẹ̀. Má ṣe lẹ "ti ń" pọ̀ torí kí iye lè dín, àṣìṣe àkọtọ́ nìyẹn, ọ̀gá rẹ á sì rí i. Bó bá ṣì kọjá, inú àwọn tí mo fa igi sí ni kó o ti kọ́kọ́ gé, kó o tó yọ orúkọ àwọn onímọ̀ tó o tọ́ka sí. À ni kó o fọwọ́ kàn kẹ́yìn. Kó o tó fi ránṣẹ́, ṣí orí kẹrin sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó o sì rí i pé iye tó o kọ sínú àṣamọ̀ náà ló wà lọ́hùn-ún.