Nígbà tí táǹkì bá gbẹ ni nọ́ńbà ń dàrú: aago kọ́, ààlà ni

*“Òkun o, ẹ̀yin àgbà. Ìsánlú ni mo wà. Mo fi FS1000A, rédíò tó ń rán ọ̀rọ̀, sídìí táǹkì omi wa lórí àpáta, mo sì fi XY-MK-5V tó ń gbà á sínú ilé. Serial 1200 ni mò ń lò. Nọ́ńbà kan ni mò ń rán, 0 bí táǹkì bá gbẹ, 255 bó bá kún, mo sì ń rán an ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá léra wọn. Bí omi bá wà ní àárín, ó ń dé geere, àfi ibì kan tó máa ń ṣàdédé fò. Bó bá ti ń gbẹ, pàǹtí ló ń jáde. Ẹnìkan ní aago bọ́ọ̀dù méjèèjì ni kò bára mu, kí n lo ọ̀nà ìrán bíìtì tí wọ́n ń pè ní Mansẹ́sítà. Ṣé fóltéèjì òkè fún 1 àti ti ìsàlẹ̀ fún 0 kò tó ni?”*

Òkun o, àbúrò. Oògùn tí wọ́n júwe fún ọ dára, ṣùgbọ́n àrùn tí wọ́n dárúkọ kọ́ ló ń ṣe ọ́. Mo ti bá irú rẹ̀ pàdé lórí táǹkì àti lórí kànga ẹ̀rọ ní agbègbè Kàbbà, aago sì ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ máa ń dá lẹ́bi.

Jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbé ẹ̀sùn aago yẹ̀ wò. Ní ọ̀nà Serial, bíìtì ìbẹ̀rẹ̀ kan tó wà nísàlẹ̀ ló máa ń ṣíwájú báìtì kọ̀ọ̀kan, ìgbà tí wáyà bá sì já wálẹ̀ báyẹn ni ẹ̀rọ tó ń gbà á bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkókò lọ́tun. Láti ibẹ̀ dé àárín bíìtì ìparí jẹ́ bíìtì mẹ́sàn-án àbọ̀, nítorí náà aago méjèèjì gbọ́dọ̀ yàtọ̀ síra tó nǹkan bíi 5 nínú 100 kí ó tó ṣi bíìtì kan kà. Bọ́ọ̀dù tó ní kírísítà kò lè yapa tó bẹ́ẹ̀. Àfi tó bá jẹ́ pé ṣíìpù ATmega328P lásán lo lò, tí o sì gbára lé aago inú rẹ̀, nítorí pé àwọn tó ṣe é kò ṣèlérí ju pé kò ní yapa ju 10 nínú 100 lọ. Bó o bá fẹ́ mọ̀ dájú, gbé bọ́ọ̀dù méjèèjì sórí tábìlì kan, so wọ́n pọ̀ pẹ̀lú wáyà méjì láìlo rédíò rárá, kí o sì rán 0. Bí 0 bá dé ní pípé, tí 0x55, ìyẹn 01010101, náà sì dé ní pípé, mú ọwọ́ kúrò lára aago.

Mo mẹ́nu kan 0x55 nítorí pé òun ló ń ya àrùn méjèèjì sọ́tọ̀. Bí Serial bá rán an jáde, ìsàlẹ̀ àti òkè a máa tẹ̀lé ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, láti bíìtì ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ti ìparí. Aago tó bá yapa, irú báìtì bẹ́ẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bà jẹ́, nítorí pé gbogbo bíìtì rẹ̀ ló yàtọ̀ sí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kì í tètè ba 0x00 jẹ́, nítorí pé bíìtì tó bá ṣì kà níbẹ̀, 0 náà ni yóò bá. Òdìkejì èyí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ọ. Rán 0x55 láti orí àpáta láìdánudúró, yóò dé. Rán 0x00 bẹ́ẹ̀, yóò dàrú.

Inú XY-MK-5V ni ìdí rẹ̀ wà. FS1000A kò mọ̀ ju pé kí ó tan ìgbì rédíò 433.92 MHz nígbà tí wáyà bá wà lókè, kí ó sì pa á nígbà tí wáyà bá wà nísàlẹ̀. Lórí wáyà, 0 jẹ́ fóltéèjì kan pàtó tí èèyàn lè wọ̀n. Nínú afẹ́fẹ́, 0 rẹ jẹ́ ìdákẹ́jẹ́ lásán. Ẹ̀rọ tó ń gbà á kò mọ bí ìgbì náà yóò ti lágbára tó nígbà tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, torí náà kò sí ààlà kan tí wọ́n lè gbé kalẹ̀ fún un láti ilé iṣẹ́ pé òkè èyí ni 1, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni 0. Fúnra rẹ̀ ló ń wá ààlà náà: rẹsísítọ̀ kan àti kapasítọ̀ kan ń ṣírò ìpíndọ́gba ohun tó ti ń wọlé láìpẹ́, ó sì ń fi ohun tó dé báyìí wé e. Bí òkè àti ìsàlẹ̀ bá ń pín àkókò ní dọ́gba, ààlà yóò dúró sáàárín. Bí ìsàlẹ̀ bá pọ̀ jù, ààlà yóò máa rọra sọ̀ kalẹ̀ títí yóò fi bá ìsàlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ náà sì tún ń gbé agbára etí rẹ̀ sókè nígbà tí kò bá gbọ́ nǹkan, bí ojú tó ti pẹ́ nínú òkùnkùn tí kíún iná ti ń dà bí ọ̀sán lójú rẹ̀, ni ariwo afẹ́fẹ́ bá ń fo ààlà náà, tí Serial sì ń kà á bí bíìtì.

Ṣírò ti tìẹ wò. Ní 1200 bíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bíìtì kan gba nǹkan bíi 833 máíkírósẹ́kọ́ǹdì. Báìtì 0x00 jẹ́ bíìtì mẹ́sàn-án nísàlẹ̀ àti ẹyọ kan lókè, ìyẹn ni pé ìgbì kò sí fún nǹkan bíi 7.5 mílísẹ́kọ́ǹdì kí ó tó yọjú lẹ́ẹ̀kan. Rírán tí o sì ń rán an ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, tí o rò pé ó ń ràn ọ́ lọ́wọ́, ló ń fa ààlà náà wálẹ̀ pátápátá.

Ní ti ibì kan tí o ní ó máa ń ṣàdédé fò láàárín, lọ wò ó bóyá 128 kọ́ ni. Láti 127 sí 128, omi kò yí padà tó ohun tí ojú lè rí, ṣùgbọ́n bíìtì méje tó jẹ́ 1 nínú 127 ló di 0 nínú 128. Serial máa ń kọ́kọ́ rán bíìtì tó kéré jù, nítorí náà 128 ń jáde bí ìsàlẹ̀ mẹ́jọ léra wọn àti òkè méjì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ burú tó 0. Pé àṣìṣe náà ń tẹ̀lé bí bíìtì ṣe tò, tí kò tẹ̀lé bí omi ṣe tó, ni ẹ̀rí tó dá mi lójú jù lọ. Nọ́ńbà 255 pẹ̀lú wọ́ ààlà lọ sí apá kan, apá òkè, ṣùgbọ́n ìgbì wà níbẹ̀ tó ń bo ariwo mọ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí táǹkì tó kún kì í fi í yọ ọ́ lẹ́nu tó èyí tó gbẹ.

Bí o bá fẹ́ fi ojú rí i, fi rẹsísítọ̀ 10 kΩ àti 1 kΩ dín fóltéèjì ẹsẹ̀ DATA ti XY-MK-5V kù, kí o tì í sí ihò gbohùngbohùn kọ̀ǹpútà, kí o sì fi Audacity gbà á sílẹ̀. Ṣọ́ra fún ohun kan: bí ìlà tó yẹ kó dúró gbọọrọ bá ń rọ sílẹ̀ lójú àwòrán náà, kì í ṣe rédíò ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kapasítọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà ohùn kọ̀ǹpútà náà, àìsàn kan náà ló ń ṣe é. Gígùn àwọn ìfò ni kí o wò, má wo gíga wọn.

Mansẹ́sítà wo èyí sàn nítorí pé kò jẹ́ kí bíìtì kankan dúró sójú kan. Ní IEEE 802.3, ìlànà Ítánẹ́ẹ̀tì tó ń so kọ̀ǹpútà pọ̀ lórí wáyà, 1 ni wáyà tó wà nísàlẹ̀ tó sì gòkè ní àárín bíìtì, 0 sì ni èyí tó wà lókè tó já wálẹ̀ ní àárín. Bíìtì kọ̀ọ̀kan lo ìdajì àkókò rẹ̀ lókè àti ìdajì nísàlẹ̀, ì báà jẹ́ 0 tàbí 255, nítorí náà ìpíndọ́gba kò lè wọ́ sí ibì kan. Aago tí gbogbo èèyàn ń yìn ín fún jẹ́ èrè kejì: ìyípadà tó wà láàárín bíìtì gbogbo ń tún aago ẹni tó ń gbà á ṣe lójú ẹsẹ̀.

```c
void ran(uint8_t b) {
  for (int8_t i = 7; i >= 0; i--) {
    bool d = b & (1 << i);
    digitalWrite(4, !d); delayMicroseconds(500);
    digitalWrite(4, d);  delayMicroseconds(500);
  }
}
```

Ìdajì bíìtì níbí jẹ́ 500 máíkírósẹ́kọ́ǹdì. Nínú ilé, wọn àkókò tó wà láàárín ìyípadà kan àti èkejì. Kúkurú tó nǹkan bíi 500 tàbí gígùn tó nǹkan bíi 1000 nìkan ló yẹ kó wà. Fi ìyàtọ̀ sí 750, kí o sì da ohun tó bá kéré ju 300 tàbí tó ju 1300 lọ nù. Má ṣe dín àyè yìí kù, nítorí pé irú ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú yìí máa ń na òkè gùn, tí í sì í gé ìsàlẹ̀ kúrú, pàápàá nígbà tí ìgbì bá lágbára.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ nìyí: bí o bá ń rán 0 léra wọn, gbogbo àkókò tí o máa wọ̀n ni yóò kúrú, kò sì sí ohun tó máa sọ fún ọ èwo ni àárín bíìtì, èwo ni ẹnu ààlà bíìtì méjì. Gígùn nìkan ló ń sọ ọ́, nítorí pé àárín bíìtì ló ti bẹ̀rẹ̀, àárín bíìtì tó tẹ̀lé e ló sì parí sí. Nítorí náà, kọ́kọ́ rán 0xAA ní ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ, èyí tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ gígùn, kí ààlà ẹ̀rọ náà lè dúró sáàárín, kí ẹni tó ń gbà á sì mọ ibi tó wà. Lẹ́yìn náà ni 0xAB, láti kéde pé ọ̀rọ̀ dé. Irú ìṣíde yìí náà ni Ítánẹ́ẹ̀tì ń lò. Bó bá jẹ́ 0x54 lo ń rí dípò 0xAB, ìlànà kejì tó dojú 1 àti 0 kọ ìdàkejì ni apá kan ń lò, yí i padà.

Ohun tí o máa san ni pé àyè tó lè gba 2000 bíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan bí a bá fi òkè àti ìsàlẹ̀ lásán ránṣẹ́ kò ní gbà ju 1000 lọ. Fún táǹkì omi, kò já mọ́ nǹkan kan. Ó já mọ́ nǹkan fún Ítánẹ́ẹ̀tì, tó lo Mansẹ́sítà ní 10 mẹ́gábíìtì, ṣùgbọ́n tó fi í sílẹ̀ nígbà tó dé 100, tó wá ń sọ bíìtì mẹ́rin di márùn-ún dípò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni èmi kò jẹ́ fi Mansẹ́sítà sáàárín ẹ̀rọ méjì tó wà nínú àpótí kan náà. Ẹ̀rọ méjì tí wáyà kúkurú so pọ̀, tí GND wọn sì jẹ́ ọ̀kan náà, jọ mọ ibi tí 0 wà, Serial lásán ti tó wọn.

Mansẹ́sítà kò sọ fún ọ bóyá nọ́ńbà tó dé ni èyí tí o rán. Rán nọ́ńbà náà, kí o rán ~nọ́ńbà náà, ìyẹn nọ́ńbà tí gbogbo bíìtì rẹ̀ jẹ́ òdìkejì, tẹ̀lé e, kí o sì da èyíkéyìí tí méjèèjì kò bá jẹ́ 255 nígbà tí o bá rò wọ́n pọ̀ nù. Lẹ́yìn ìyẹn, gbé ẹsẹ̀ 4 wá sí ìsàlẹ̀ kí FS1000A sinmi. Serial rẹ máa ń dúró lókè nígbà tí kò bá ní ọ̀rọ̀, ìyẹn ni pé bátìrì tó wà lórí àpáta náà ti ń tan ìgbì tọ̀sán-tòru. Láàárín ìsinmi náà, ẹsẹ̀ DATA nínú ilé yóò máa jó kíjikìji láìdúró. Ariwo ni, jẹ́ kó jó.