Dàyálísíìsì ti ẹ̀jẹ̀ àti ti inú ikùn: èwo ni ká ṣe fún màmá mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Sísítà. Ẹ̀pẹ́ la wà. Dókítà ní kídìnrín màmá mi méjèèjì ti daṣẹ́ sílẹ̀, pé ká bẹ̀rẹ̀ dàyálísíìsì. Ẹni ọdún 58 ni wọ́n, ẹja ni wọ́n ń tà. Àbúrò wọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní ti ikùn ni ká ṣe, pé ilé lèèyàn ti ń ṣe é. Kí ni ìyàtọ̀ méjèèjì, wàhálà wo ló wà nínú ìkọ̀ọ̀kan, ṣé wọ́n á ṣì lè máa lọ sọ́jà?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú màmá, Ọlọ́run á fún wọn lálàáfíà. Kí n kúkú sọ ibi tí mo ń lọ: tó bá jẹ́ Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n á ti máa gbé, ti ẹ̀jẹ̀ ni màá ní kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe pé ti ikùn ò dáa o, tó bá jẹ́ ti ara màmá nìkan là ń wò, ó ṣeé ṣe kíyẹn tiẹ̀ rọ̀ wọ́n lọ́rùn jù, àmọ́ ohun tí wọ́n fi ń ṣe é ni ìṣòro nílé wa níbí, màá dé ibẹ̀.

Kídìnrín tó bá ń ṣiṣẹ́ kì í sinmi, tọ̀sán-tòru ló ń yọ omi àti ìdọ̀tí kúrò lára. Tó bá ti daṣẹ́ sílẹ̀, omi téèyàn mu, ọbẹ̀, ẹ̀kọ, omi tó wà nínú ẹ̀bà pàápàá, ara ló ń jókòó sí. Dàyálísíìsì méjèèjì, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, àmọ́ ọ̀kan ń yọ gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà wàràwàrà, èkejì ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Ibẹ̀ yẹn ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìyàtọ̀ wọn ti wá.

Ti ẹ̀jẹ̀, ìyẹn hímódàyálísíìsì, wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ jáde gba inú rọ́bà lọ sínú ike gbọọrọ kan tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ihò tẹ́ẹ́rẹ́ nínú. Ẹ̀jẹ̀ ń gba inú ihò yẹn kọjá, omi tí wọ́n ti po pọ̀ mọ́ oríṣiríṣi iyọ̀ ń gba ẹ̀yìn ẹ̀ kọjá, ìdọ̀tí á wá máa kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ bọ́ sínú omi, bí iyọ̀ ṣe ń jáde lára ẹja oníyọ̀ tá a bá rẹ ẹ́ sómi, tá a bá sì da omi yẹn nù tá a bu òmíràn sí i, iyọ̀ á tún jáde. Ẹ̀rọ náà lè máa fa ẹ̀jẹ̀ bíi 300 mílílítà ní ìṣẹ́jú kan, tó bá fọ̀ ọ́ tán á dá a padà, ẹ̀jẹ̀ tó wà níta lẹ́ẹ̀kan ò ju nǹkan bíi kọ́ọ̀bù kan lọ, kí màmá má bẹ̀rù pé wọ́n fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ àwọn gbẹ. Wákàtí mẹ́rin ni lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ló sì yẹ kó jẹ́. Omi tí ẹ̀rọ ń lò fún ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó 120 lítà, wọ́n ti gbọ́dọ̀ sẹ́ ẹ dáadáa, torí náà kì í ṣe ohun tá a lè gbé wálé ká so mọ́ omi kànga.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò ẹ̀ kẹ́ ẹ lè rí ibi tí wàhálà ẹ̀ wà. Ká ní ìwọ̀n màmá tí ò bá sí omi àpọ̀jù lára wọn jẹ́ kílò 62, ìyẹn ni àwa nọ́ọ̀sì ń pè ní dírái wéètì. Wọ́n ṣe dàyálísíìsì lọ́jọ́ Fúráìdé, lópin ọ̀sẹ̀ wọ́n lọ síbi ìnáwó, wọ́n jẹ ọbẹ̀ tó níyọ̀, òùngbẹ gbẹ wọ́n, wọ́n mumi. Nígbà tí wọ́n máa dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè, òṣùwọ̀n ka 65.4. Omi kílò 3.4 nìyẹn, ìyẹn 3,400 mílílítà, wákàtí mẹ́rin la sì ní láti fi yọ ọ́, ó túmọ̀ sí 850 ní wákàtí kan. Tẹ́ ẹ bá fi 62 pín in, ó ń lọ sí bíi mílílítà 13.7 fún kílò kan ní wákàtí kan. Tó bá ti ń ju 13 lọ, a máa ń fura, torí omi inú ẹ̀jẹ̀ là ń fà, omi tó wà nínú ẹran ara ò sì lè sáré wá dípò ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ máa rí ni pé ní wákàtí kẹta, màmá á bẹ̀rẹ̀ sí í yán, òógùn á bò wọ́n, ojú á máa ṣú wọn, bíipì á já wálẹ̀, iṣan ẹsẹ̀ á fà wọ́n débi tí wọ́n á fi pariwo. Àá dín fífà omi kù tàbí ká dá a dúró, àá gbé ẹsẹ̀ wọn sókè, àá fún wọn ní díríìpù díẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé ẹ̀rọ ló burú tàbí pé nọ́ọ̀sì ò mọṣẹ́, omi tí wọ́n gbé wá látilé ni. Iyọ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ dín kù, kì í ṣe omi, torí ẹni tó bá jẹyọ̀ ò lè ṣe kó má mumi.

Bó ṣe jẹ́ nìyẹn fẹ́ni tó ń ṣe é ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Owó ò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú wa lè ṣe é tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń ṣe, àwọn wọ̀nyẹn ni mímí máa ń há lóru. Yàtọ̀ sómi, pọtásíọ̀mù, èròjà kan tó wà nínú oúnjẹ, náà ń pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ tí àlàfo bá gùn, ìyẹn sì lè dá ọkàn dúró láì sọ tẹ́lẹ̀. Omi àgbọn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ọsàn, wọ́n pọ̀ ní pọtásíọ̀mù gan-an, kí màmá yẹra fún wọn. Iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, kí wọ́n gé e wẹ́wẹ́, kí wọ́n sè é nínú omi púpọ̀, kí wọ́n da omi yẹn nù, kó má sì pọ̀ lójú àwo.

Ibi tí wọ́n á ti máa fa ẹ̀jẹ̀ náà, ẹ má fojú kéré ẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kátítà ọrùn, ìyẹn rọ́bà tí wọ́n ń kì bọ iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn, ni wọ́n sábà máa ń fi sí i torí pé iṣẹ́ ti yá, àmọ́ ọ̀nà kòkòrò lọ sínú ẹ̀jẹ̀ tààrà ni. Kí omi má kàn án, kí ẹnikẹ́ni má sì gba ibẹ̀ fún màmá ní abẹ́rẹ́ nílé. Tí òtútù bá mú wọn tí wọ́n ń gbọ̀n lẹ́yìn tí wọ́n so wọ́n mọ́ ẹ̀rọ, ẹ má pè é ní ibà lásán, kátítà yẹn ni ká kọ́kọ́ fura sí. Èyí tó dáa jù fún ọjọ́ pípẹ́ ni fístúlà, dókítà á so iṣan ẹ̀jẹ̀ méjì pọ̀ ní apá, á gba bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó gbó tó ṣeé lò. Apá yẹn, wọn ò gbọ́dọ̀ wọn bíipì níbẹ̀, wọn ò gbọ́dọ̀ gba ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, màmá ò sì gbọ́dọ̀ fi gbé agbada ẹja. Láràárọ̀ kí wọ́n fi ìka kàn án, wọ́n á máa gbọ́ tó ń gbọ̀n rìrì lábẹ́ awọ, lọ́jọ́ tí wọn ò bá gbọ́ ọ mọ́, ọjọ́ yẹn náà ni kẹ́ ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn, ó ṣeé ṣe kẹ́jẹ̀ ti dì síbẹ̀.

Ó yá, ti ikùn. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tó bo ìfun wa nínú lọ́hùn-ún, iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké pọ̀ lára ẹ̀, òun ni wọ́n ń lò dípò ike ẹ̀rọ. Wọ́n á fi rọ́bà kan sí abẹ́ ìdodo nípa iṣẹ́ abẹ, ìdí ẹ̀ á máa yọ síta títí lọ. Wọ́n á gba ibẹ̀ da omi lítà méjì tó wà nínú báàgì kan sínú ikùn, á wà níbẹ̀ wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà, màmá lè máa tajà lọ nígbà yẹn, tó bá tó àkókò wọ́n á fa èyí tó wà nínú jáde, wọ́n á da tuntun sí i, ó lè gba bí ìṣẹ́jú 30. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́ ni, ojoojúmọ́, kò sí Sọ́ńdè. Ṣúgà inú omi yẹn ló ń fa omi ara jáde, kí wọ́n sì máa wọ̀n ọ́n: lítà 8 wọlé, tí 9 bá jáde, lítà kan ti kúrò lára lọ́jọ́ yẹn nìyẹn, láìsí pé bíipì já. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ẹ̀ nìyẹn, ara ẹni tí ọkàn ẹ̀ ò lágbára máa ń gbà á, wọn ò gún abẹ́rẹ́, oúnjẹ náà ò há tó ti ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ kékeré kan tiẹ̀ wà tó ń ṣe é lóru téèyàn ń sùn, àmọ́ iná ló ń lò.

Ewu tó tóbi jù nínú ẹ̀ ni kí kòkòrò wọnú ikùn, ọwọ́ ló sì sábà ń gbé e wọlé nígbà tí wọ́n bá ń pààrọ̀. Kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, wọ́n á pa fáànù, wọ́n á ti fèrèsé àti ilẹ̀kùn, wọ́n á bo imú, wọ́n á fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ dáadáa kí wọ́n sì nù ún gbẹ. Omi tó ń jáde, ó yẹ kó mọ́ débi pé tẹ́ ẹ bá gbé ìwé ìròyìn sẹ́yìn báàgì, ẹ máa ka á. Lọ́jọ́ tó bá dàrú bí omi ògì, yálà ikùn ń dunni tàbí ibà ń mú wọn, kódà tí nǹkan kan ò dunni, ẹ gbé màmá àti báàgì yẹn lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, wọ́n á yẹ omi náà wò, wọ́n á sì fi oògùn apakòkòrò sínú omi tuntun. Ẹ má fi ampiclox látilé kẹ́míìsì ṣe é. Wàhálà tó kù ò le tó yẹn: ṣúgà inú omi lè mú kéèyàn sanra, ó sì lè yọ ẹni tó ní àtọ̀gbẹ lẹ́nu, pùrótéènì ń bá omi jáde kí wọ́n máa jẹ ẹja àti ẹyin, ìgbẹ́ tó bá há lè dí rọ́bà lọ́nà, ìwúwo omi náà sì lè mú ìpákè yọ. Tó bá ti ṣe ọdún mélòó kan, awọ yẹn náà lè rẹ̀, wọ́n á wá bọ́ sórí ẹ̀rọ.

Kí ló wá dé tí mo ní kẹ́ ẹ fi ti ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀? Báàgì 4 lójúmọ́ jẹ́ 120 lóṣù, ìyẹn omi 240 lítà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ rí gbà, kẹ́ ẹ rí ibi tó mọ́ kó o sí. Òkè òkun ni wọ́n ti ń kó èyí tó pọ̀ jù wá, ó wọ́n, ìgbà míì kì í sí, ilé ìwòsàn tó ń ṣe é níbí ò sì pọ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù tí àbúrò màmá wà, wọ́n ń gbé e wá bá èèyàn lẹ́nu ọ̀nà ni. Tí báàgì bá tán lọ́jọ́ Jímọ̀, tí ẹni tó ń tà á ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ni màmá máa fi ara ṣe? Tẹ́ ẹ bá rí ibi tí wọ́n á ti ṣe ìlérí báàgì oṣù mẹ́ta lọ́wọ́, tí nọ́ọ̀sì wọn sì máa kọ́ ẹnì kan nínú ilé, èmi náà á ní kẹ́ ẹ yí i padà.

Ti ẹ̀jẹ̀ náà níṣòro tiẹ̀ o, ẹ mọ bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní Àjàh ṣe ń rí láàárọ̀, tí wọ́n bá jí lọ láago márùn-ún, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n á padà, ó sì máa ń rẹ̀ wọ́n lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ mẹ́ta yẹn, ẹ gbàgbé ọjà, ẹ bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ kó dúró nídìí ọjà fún wọn, ọjọ́ tó kù wọ́n á lè lọ. Ní ti owó, ní 2025 ìjọba àpapọ̀ kéde pé àwọn já a sí 12,000 náírà lẹ́ẹ̀kan láwọn ilé ìwòsàn tiwọn kan, Ẹ́bútẹ́ Mẹ́ta wà lára wọn, ẹ lọ béèrè níbẹ̀ bóyá ààyè wà.

Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ní kí wọ́n yẹ jẹdọ̀jẹdọ̀ B àti C wò fún màmá, kí wọ́n sì gba àjẹsára ti B, torí ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń kọjá nínú yàrá kan náà. Ẹ tún bá wọn gba ìtọ̀ wákàtí 24 sínú kẹ́ẹ̀gì kan kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n. Tí ìtọ̀ ṣì ń jáde bíi lítà kan lójúmọ́, omi tí wọ́n lè mu máa pọ̀ ju ti ẹni tí ìtọ̀ ẹ̀ ti gbẹ lọ, ẹ sọ iye ẹ̀ fún dókítà kí wọ́n tó ṣírò omi tí ẹ̀rọ máa fà.