Ọkọ mi fẹ́ ìnṣọ́ránsì olówó kékeré, ọkàn mi ò balẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Òkè-Baálẹ̀ níbí, ní Òṣogbo, ni èmi àti àwọn ọmọ mẹ́ta ń gbé. Oṣù Kìn-ín-ní 2026 la máa lọ bá bàbá wọn ní Amẹ́ríkà. Ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní kó yan ìnṣọ́ránsì ìlera fún gbogbo wa kí oṣù yìí tó parí. Ọ̀kan jẹ́ dọ́là 250 lóṣù, àmọ́ a máa kọ́kọ́ fi ara wa san 6,000 kó tó dá sí nǹkan kan. Èkejì jẹ́ 600 lóṣù, 1,500 la máa kọ́kọ́ san. Olówó kékeré lòun fẹ́. Ọmọ wa kejì ní ásímà, ẹ̀rù ń bà mí. A ti ń bínú síra wa lórí fóònù. Ìwé méjèèjì wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Èwo ni ká mú?
Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta

Ọmọ mi, mo ka ìwé méjèèjì dáadáa. Mi ò bá ọ wí pé ẹ̀rù bà ọ́, nítorí èyí tí a mọ̀ níbí kò rí bẹ́ẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó gbé káàdì rẹ̀ lọ sí ọsibítù, ìdá 10 nínú 100 owó oògùn ló ń san, ó parí. Lọ́hùn-ún, owó àdásan wà, ìyẹn 6,000 tàbí 1,500 tí ẹ máa kọ́kọ́ fi ara yín san. Kó tó pé, ẹ̀yin lẹ ni bíìlì. Tó bá pé, ẹ ó máa san ìdá 20 nínú 100 títí ẹ ó fi kan òpin. Òpin yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò rárá: 12,000 lọ́dún nínú olówó kékeré, 7,000 nínú olówó ńlá. Ohun tó bá lé, tiwọn ni, bí ẹ bá ṣáà ń lo ọsibítù tó wà nínú ìwé wọn. Owó oṣooṣù ò sí nínú òpin náà o.

Ká ní wọ́n dá ọmọ yẹn dúró sí ọsibítù nítorí èémí, tí bíìlì sì jẹ́ 6,000. Nínú olówó kékeré, àdásan gbogbo ilé ni wọ́n pa pọ̀, kò sí ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹ̀yin lẹ máa san gbogbo rẹ̀. Fi 3,000 owó oṣooṣù ọdún kan kún un, kí o yọ 1,000 tí ibi iṣẹ́ ọkọ rẹ máa fi sínú àpò ìfowópamọ́ fún ìtọ́jú ìlera tí wọ́n kọ HSA sí: 8,000. Nínú olówó ńlá, ìwé sọ pé 750 ni àdásan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ ó san 750 yẹn, àti ìdá 20 nínú èyí tó kù, ìyẹn 1,050. Ṣùgbọ́n 7,200 ti lọ sí owó oṣooṣù, àròpọ̀ rẹ̀ wá di 9,000. Bí ọdún bá wá burú débi pé ẹ kan òpin, 14,000 ló máa jẹ́ nínú ti ọkọ rẹ, 14,200 nínú tìrẹ.

Nítorí náà, kì í ṣe ásímà ló yẹ kó pinnu ọ̀rọ̀ yìí. Owó ọwọ́ ni. Ibi tí bàbá àwọn ọmọ ò wò nìyẹn. 600 máa ń jáde díẹ̀díẹ̀ lára owó oṣù, àmọ́ 6,000 lè bọ́ lé yín lórí ní oṣù Kejì, nígbà tí owó tíkẹ́ẹ̀tì àti owó ilé ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọn àpò rẹ̀ gbẹ. HSA ò sì lè san ju ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ. Bi í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, má jẹ́ kó dà bí ìwádìí ọlọ́pàá: lẹ́yìn tí a bá ti dé, èló ló máa kù ní báńkì?

Bí 6,000 bá wà tí ẹ lè fọwọ́ kàn, ẹ mú olówó kékeré. Kó ní kí wọ́n máa yọ 350 tí ẹ jèrè lóṣù tààrà sínú HSA. Ìyẹn àti ti ibi iṣẹ́ máa di 5,200 lópin ọdún, kò dé 8,750 tí òfin gbà fún ìdílé ní 2026. Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ò ní gba owó orí lórí rẹ̀ bí ẹ bá ń fi tọ́jú ìlera, èyí tó bá kù máa wọ ọdún tó ń bọ̀, kódà bó bá fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Bí kò bá sí, ẹ san olówó ńlá lọ́dún yìí, kí ẹ yí i padà nígbà yíyàn tó ń bọ̀. Kó má sọ pé òun á yí i bí ọmọ bá ṣàìsàn ní oṣù Kẹta. Wọn ò ní gbà, àìsàn kì í ṣe ìdí fún wọn.

Ó ku ìbéèrè kan tó máa bi ibi iṣẹ́ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára àti àyẹ̀wò ọmọdé tí ara rẹ̀ yá jẹ́ ọ̀fẹ́ nínú méjèèjì, àmọ́ ìnhélà tí ọmọ ń fà lójoojúmọ́ kí èémí má baà gbé e ńkọ́? Láti 2019 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti gba irú ètò olówó kékeré bẹ́ẹ̀ láyè láti dá sí i kí àdásan tó pé, àmọ́ kò pọn dandan fún wọn. Kó gba ìdáhùn náà ní kíkọ, pẹ̀lú orúkọ oògùn náà gan-an. Ní kí dókítà ọmọ náà níbí kọ orúkọ yẹn fún ọ, kí o fi ránṣẹ́ sí i kó tó buwọ́ lùwé.